Lẹ́tà Tí Mo Bá Bàbá Mi Kọ sí Bọ́sà

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni bàbá mi wọlé, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, oúnjẹ ṣì kún inú ẹ̀. Èmi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan níbí ní Ìkòròdú, kò sì tètè délé báyìí rí àfi tí ara ẹ̀ ò bá yá. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n há ìwé fún gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì pé iṣẹ́ ti parí, pẹ̀lú owó oṣù ìkẹyìn. Bàbá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ọkùnrin méjì tí ò níṣẹ́, a jọ ń wo fáànù tí ò yí.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀," ni mo wí. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ibi tí mo ti wà láti ọdún méjì ni wọ́n wá bá mi.

Ohun tó ká bàbá mi lára jù kì í ṣe oúnjẹ. Àbúrò mi obìnrin wà ní SS2, ní ilé-ìwé tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n wọlé. Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni owó táàmù kan. Tí wọn ò bá rí owó, wọn ò ní fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà ti ka ìwé níbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n.

"Wàá bá mi kọ lẹ́tà sí bọ́sà wọn, ẹni tó ń gba owó ilé-ìwé," ni bàbá mi wí. "Kí wọ́n jẹ́ ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìwọ lo lọ sí poli."

Mo lọ lóòótọ́. Mo lọ bí ẹni tó lọ síbi ìkómọ, tó ti kúrò kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá. Ọdún kan péré. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá mi lọ́lá, mo sì gbéra. Mo kọ ojú ìwé kan gbáko lédè òyìnbó. Mo sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀-ajé Nàìjíríà, mo sọ̀rọ̀ nípa bí ayé ṣe rí, mo pe bàbá mi ní "my humble self" lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n mi orí.

"Ó ròkè," ni wọ́n wí. Wọ́n sáìnì.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ mọ́tò, a kọjá ìyànà Agbówà, a dé Ẹ̀pẹ́. Bọ́sà náà jẹ́ alhaja kan tí kì í pariwo, ọmọ Ẹ̀pẹ́ gan-an, ìbòrí funfun lórí ẹ̀, awò lójú. Ó wo bàbá mi, ó kí wọn dáadáa. Ó wá wo èmi.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo fi fẹ́ǹsì wa ṣe ọ̀nà lọ ra búrẹ́dì?"

"Èmi ni, mà."

"O ti parí poli?"

"Poli ló parí pẹ̀lú mi, mà."

Ó ka lẹ́tà náà. Ó yí i padà bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹ̀. Kò sí.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Lẹ́tà yìí dùn, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́?"

Bàbá mi wò mí. Mo gba lẹ́tà náà, mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olúwa ló mọ̀, mi ò kọ ọ́ síbẹ̀! Kò sí orúkọ àbúrò mi, kò sí kíláàsì ẹ̀, kò sí iye tí a máa san tàbí ọjọ́ tí a máa san án. Mo ti kí bọ́sà, mo ti kí orílẹ̀-èdè, mo wá gbàgbé ẹ̀bẹ̀.

Bàbá mi sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, pé díẹ̀díẹ̀ làwọn fẹ́ san owó náà. Alhaja fún mi ní bébà tuntun. "Jókòó. Bàbá á máa sọ ọ́ ní Yorùbá, ìwọ á máa kọ ọ́ ní òyìnbó kékeré. Kì í ṣe èmi ni yóò fọwọ́ sí i, ẹni tó ni ilé-ìwé ni. Màá kọ̀wé sí abẹ́ ẹ̀ pé mo gbà á, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kedere ni mo gbọ́dọ̀ gbé síwájú wọn. Bàbá, ìwé ibiṣẹ́ yín dà?"

Bàbá mi mú ìwé tí wọ́n fi dá wọn dúró jáde. Alhaja wo inú rẹ́jísítà: a ò jẹ gbèsè táàmù kankan rí. Ìyẹn dára, ó ní. Báwo la ṣe fẹ́ san án?

"Ìdajì wà lọ́wọ́ mi báyìí, àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún," ni bàbá mi wí. "Èyí tó kù, kí n máa san àádọ́ta àádọ́ta ní ìparí oṣù."

Èmi ti kọ "month end" tán. Alhaja kàn gbé ìka lé ìwé ibiṣẹ́ yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ta ló máa san owó oṣù fún yín ní ìparí oṣù?"

Ojú bàbá mi wálẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, ìparí oṣù ti di bí oòrùn fún wọn, wọ́n rò pé yóò máa yọ fúnra ẹ̀.

"Ẹ má fi ohun tí ẹ ò rí ṣèlérí," ni alhaja wí. "Kí wọ́n tó lọ ìsinmi mid-term, ní ọ̀sẹ̀ keje táàmù, ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé. Ibo ni yóò ti wá?"

Mo mọ ibi tí yóò ti wá. Ìyá mi ń ta ẹja yíyan, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja sì ní èsúsú tí wọ́n ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mò ń kọ ìwé ẹ̀ fún wọn, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyẹn, ìyá mi sì ti fi Ọlọ́run bẹ̀ mí kí n má sọ fún bàbá mi. Fìrísà ló fẹ́ fi owó náà rà.

"Ọ̀sẹ̀ kẹfà táàmù ni Màámi máa kó èsúsú," ni ẹnu mi sọ. "Àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún gan-an."

"Èsúsú wo?" ni bàbá mi bi mí.

Alhaja ní kí a pe ìyàwó ilé kí a tó kọ nǹkan kan. Bàbá mi pè é lórí fóònù, wọ́n bi í nípa èsúsú náà, gbogbo wa ń gbọ́.

"Ẹ n lẹ́ o, Dádì. Ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ ẹ tó ń kọ ìwé yín."

"Ọmọ mi kẹ̀? Ọmọ yín ni lónìí!" Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn ẹ̀. "Fìrísà lè dúró. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un pé kó má wá jẹ ẹja mi lónìí."

Mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́fà: orúkọ ọmọ, kíláàsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, iye tí a san lójú ẹsẹ̀, iye tó kù, ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bàbá mi kà á fúnra wọn, ó yé wọn, wọ́n sáìnì. Mo ní kí èmi náà sáìnì gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Alhaja rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ awò ẹ̀.

"Onídùúró, ìwọ tí fẹ́ǹsì ò dá dúró?"

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè wá pé ẹni tó ni ilé-ìwé ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ ìwọlé, èmi ni mo gbé àpótí àbúrò mi, ó mú lẹ́tà tí wọ́n ti fọwọ́ sí náà lọ́wọ́. Ìyá tó ń tọ́jú àwọn ọmọ inú ọgbà wò ó, ó ní kó lọ mú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, ìyá mi kó èsúsú. Èmi ni mo fi àmì sí i nínú ìwé, àwọn ẹlẹ́ja ń wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó tú àṣírí ìlú. Lọ́sàn-án yẹn, èmi àti bàbá mi jọ lọ san án ní báǹkì, alhaja sì fi rìsíìtì ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá mi. Nígbà tí a délé, ìyá mi gbé abọ́ ìrẹsì síwájú mi. Ẹja wà lórí ẹ̀. Ìrù ni.