Mélòó Ni "Díẹ̀"?

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni alájọ náà fi rìn káàkiri ọjà, kí orúnkún rẹ̀ tó ní òun ò lọ mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ṣe áàpù àjọ fún àwọn oníṣòwò bá gbà á síṣẹ́, pé kó máa kọ ọ̀rọ̀ tí fóònù yóò sọ sí oníbàárà létí, kó sì fi ohùn ara rẹ̀ kà á, torí gbogbo ọjà ló mọ ohùn náà.

Yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ kò ju àyè bẹ́ẹ̀dì méjì lọ, ooru ibẹ̀ sì ń pani. Ìgbà kẹfà rèé tó ń ka ìlà kan náà: "Owó ìtọ́jú díẹ̀ lè wà níbẹ̀." Ọ̀gá rẹ̀, tí kò tó àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ní kó fi ẹ̀rín sí i. Ẹ̀rín wo? Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun.

Alájọ ní òun máa gbé ìlà náà dé ọjà ná.

Ìyá oníbọ́tìnnì, tó ti bá a dá àjọ rí, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Mélòó ni 'díẹ̀'?"

"Tí o bá ń dá ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ọgọ́rùn-ún ni. Owó ọjọ́ kan lóṣù."

"Ṣebí ohun tí ẹ̀yin náà ń gbà nìyẹn? Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi í pamọ́? Tí mo bá fẹ́ gbà á kí oṣù tó pé ńkọ́?"

"Wọ́n á tún yọ ogún náírà sí i."

Obìnrin náà mirí. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá yọ ọ́ láìsọ, ẹ̀yin ni màá bú o. Ohùn yín ni mo gbọ́."

Alájọ padà, ó tún un kọ: "Tí ẹ bá ń dá ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ á jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. A ó yọ owó ọjọ́ kan. Ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ló máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá gbà á kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, a ó tún yọ ogún. Tí ẹ bá fara mọ́ ọn, ẹ tẹ ọ̀kan."

"Màmá, wọ́n á sá," ni ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ogún yẹn wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ ọ̀kan."

"Ẹni tó máa sá, kó sá lẹ́nu ọ̀nà, kí owó rẹ̀ tó wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ohùn míì."

Ọ̀gá lọ pe àwọn tó jù ú lọ. Alájọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí kan, oorun ń kùn ún, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti bọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá yọjú: "Ẹ kà á bẹ́ẹ̀."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, láìrẹ́rìn-ín.

Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́ kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń retí. Wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù láti márùn-ún sí méjì lọ́sẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ìyá oníbọ́tìnnì, tó wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀, pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi, owó mi pé o. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni."

Alájọ dúpẹ́, ó ní kó bá òun kí àwọn ọmọ, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀.