Fídíò Mẹ́rìnlélógún Tó Di Mẹ́fà

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo bà jẹ́ ni ọ̀gá mi fi yìn mí jù láyé.

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa ní Rumuomasi. Iléeṣẹ́ wa ń kó òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo lórí omi. Fídíò ààbò wọn wà nínú fódà mẹ́rin: ti alásè, ti awakọ̀ ojú omi, ti oníná, ti wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀. Mẹ́fà mẹ́fà ni, 01 dé 06 nínú fódà kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n inú ọkọ̀ kò gbà ju irú fídíò tí wọ́n ń pè ní mp4 lọ, ọkọ̀ sì fẹ́ ṣí ní èbúté Borokiri láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá wo tirẹ̀, kò ní wọ ibi iṣẹ́.

Ọ̀gá ní, "Bí ọkọ̀ bá dúró, ìwọ ni wàá lọ ṣàlàyé."

Mo kọ àṣẹ kan sínú PowerShell, níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, pé kó máa mú fídíò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo fódà, kí ffmpeg, ètò tó ń sọ irú fídíò kan di òmíràn, yí i padà, kó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà tuntun kan. Ti alásè parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó dé fódà kejì, ó bi mí pé 01.mp4 ti wà níbẹ̀, ṣé kó kọ tuntun lé e? Mo tẹ y. Ó tún bi mí nípa 02. Ebi ti ń pa mí. Mo dá a dúró, mo fi -y kún àṣẹ náà, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì lọ jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja.

Ìgbà tí mo padà dé, ọ̀gá ti ń wò ó. "Fódà yìí mà ti kéré o. Ọpọlọ ẹ pé."

Mo rẹ́rìn-ín bí ọ̀mọ̀wé.

Àbúrò kan ará Ìbàdàn tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ti alásè dà?"

"Mo kó gbogbo wọn pọ̀ ni, kẹ́ ẹ má baà máa wá a kiri."

Ó ṣí 01. Wẹ́dà kan bo ojú, iná ń ta. Ó ṣí 04. Wẹ́dà náà ni. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọbẹ̀ ni eléyìí ń jó pọ̀?"

Gbogbo 01 ti kọ lé ara wọn lórí, wẹ́dà tó kẹ́yìn ló jẹ gbogbo ìlú. Ọlọ́run ló yọ mí tí ojúlówó ṣì wà. Mo tún àṣẹ náà kọ: kó yọ orúkọ fódà àgbà àtijọ́ kúrò lára àdírẹ́sì fídíò, kó so ìyókù mọ́ ti tuntun, kó sì kọ́kọ́ ṣẹ̀dá fódà kékeré fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí ffmpeg kì í báni kọ́lé. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mẹ́rìnlélógún pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní etí omi, ọ̀gá wo díìsìkì tí mo kó fídíò náà sí níṣojú àwọn alásè. "Ó ti tún tóbi. Ta ló bá ọ ba iṣẹ́ àná jẹ́?"

Mo jẹ́wọ́. Ìyá alásè wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Oga computer, so na weld you for make me weld my pot?"

Ọkọ̀ ṣí. Ọ̀gá ní kí n jókòó sáàárín àwọn alásè, kí n wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí n sì fọwọ́ sí i pé mo ti mọ bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú.