Àmì Mẹ́ta Níwájú Kéwú Mi

Ogún nínú ogún ni mo gbà, mi ò sì lè dá ẹyọ kan ṣe nínú ohun tí mo kọ. Alfa wa gbé ìwé mi sókè nínú kíláàsì mọ́ṣáláṣí n'Íkẹ́rẹ́, ó ní kí gbogbo wọn wá wo bí àgbà ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní, "Máṣáláhù!" Mo tẹrí ba bí onírẹ̀lẹ̀. Ojú ò tì mí rárá.

Bàbá mi ló fà á. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn ni wọ́n ń pe ìrun l'Ógòtún kí orúnkún tó kọ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Bí mo bá kú, wọn á ké kéwú lé mi lórí. Éè sí ẹnì kan nínú ulé mi tí yó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ó ń dùn mí." Ó dun èmi náà. Bí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣe lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ tó káyín iwájú nìyẹn.

Gbogbo Sátidé ni Alfa ń pín ìwé. Lẹ́tà mẹ́ta tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà lápá ọ̀tún, àpótí òfìfo tẹ̀ lé e, àwa ni ká kún un. Mo gbé ti àkọ́kọ́ délé, mo wò ó títí, òun náà ń wò mí. Ìyàwó mi yọjú lẹ́yìn àga. Tíṣà ìṣirò ni, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ni. Lẹ́tà tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ́ wọn lára pátákó tí mo gbé kọ́ ògiri.

"Dádì, kí ni f, ayn àti l tí wọ́n kọ sókè yìí?"

Mo ní òṣùwọ̀n ni Alfa pè é, pé lẹ́tà mẹ́ta yòówù lè gba ipò wọn.

"Ẹn-ẹ́n! X, Y, Z nìyẹn. Ìṣirò lásán ni."

Ló bá gba bírò. Alfa ti ṣe àpẹẹrẹ kan fún wa: k-t-b, ìwé kíkọ. Kaatib ni ẹni tó ń kọ̀wé. Maktuub ni ohun tí a kọ. Ó ní ẹni tó ń ṣe nǹkan, ẹ fa ohùn gùn lẹ́yìn lẹ́tà kìíní; èyí tí a ṣe, ẹ fi "ma" síwájú, kí ẹ fa "uu" kí ẹ tó kan lẹ́tà ìkẹyìn. Ìyàwó mi gbà á bẹ́ẹ̀, ó mú un lọ: f-t-h, ṣíṣí: faatih, maftuuh. N-s-r, ìrànlọ́wọ́: naasir, mansuur. Ó ń ṣe é bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èmi ń dà á kọ sí ìwé tèmi. Àmì tíntìntín mẹ́ta kan wà tó ń tò síwájú gbogbo ìdáhùn, ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀. Mo rò pé ara kéwú ni. Mo dà á kọ.

Ọjọ́ tí Alfa fẹ́ gbé mi lọ sí kíláàsì kejì, ó ní kí n wá síwájú pátákó kí n ṣe d-r-b, lílù. Mo kọ àmì mẹ́ta náà gàdàgbà, mo dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà wo ló ni àmì yìí? Orí thaa àti shiin ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kò sí lẹ́tà níbí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nawọ́: "Alfa, 'nítorí náà' ni, ti ìṣirò. Ìyàwó wọn ló kọ́ wa."

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí a tètè parí kíláàsì. Alfa kò bá mi wí. Ó fa igi lé ogún mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín." Mo padà sórí bẹ́ǹṣì àwọn akáyín.

Èmi àti ìyàwó mi lọ sí Ògòtún lọ jẹ́wọ́. Ìtìjú ń pa mí, torí bàbá mi ni mo purọ́ fún pé mo ti ń gbọ́ kéwú. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìyàwó mi ni wọ́n kọjú sí.

"Marhuum ni wọ́n ń pe òkú. Mo ti gbọ́ ọ títí. Kí ló túmọ̀ sí?"

Ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé, ó ká àmì mọ́ r, h àti m. "Bàbá, kí ni mẹ́ta yìí ń sọ?"

"Ti Rahmaan ni. Àánú ni."

Ó kọ àmì mẹ́ta rẹ̀. "'Ma' wà níwájú, 'uu' wà láàárín. Ẹni tí a ṣàánú fún ni, Bàbá."

Bàbá mi fi etí agbádá nu ojú. "Ẹni tí a ṣàánú fún," ni wọ́n ń tún sọ. Wọ́n ní, "Ọjọ́ yẹn, kí ùyàwó mi wà nítòsí mi o."

Wọ́n wá rántí pé mo wà níbẹ̀.

"Ìwọ, bá wa gbé omi wá."