Ìdámẹ́wàá Èrè Tí Kò Tíì Dọ́wọ́

Èékánná àtàǹpàkò ni. Ọwọ́ ọ̀tún. Adétúnjí tẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là kan sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì dì í mú, ó sì fi èékánná náà họ kọ́là aṣọ ọkùnrin inú àwòrán. Díẹ̀díẹ̀. Láti òsì sí ọ̀tún. Ibẹ̀ rí ṣákaṣàka. Ó tún họ ọ́. Ó tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń retí kí bébà náà fọhùn. Lẹ́yìn náà ló gbé e sókè sí oòrùn tó ń wọ inú mọ́tò, ó di ojú kan, ó mi orí. Ó mú òmíràn.

Kò mọ ohun tó ń wá. Ọwọ́ Mùhámmẹ́d, Máláàmù tó ń pààrọ̀ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA, ló ti rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ti gbàgbọ́ pé ẹni tó bá ti lè họ dọ́là ti mọ dọ́là.

Oṣù kejì ọdún 2024 nìyẹn. Náírà ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Adétúnjí ń yọ̀.

Ọdún 1999 ló dé Port Harcourt láti Iléṣà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń gbé irin fún àwọn elépo. Ibẹ̀ náà ló wà dòní. Wọn kò gbé e ga, wọn kò lé e. Irú ọkùnrin tó máa ń sọ pé "mo ti sọ ọ́" nígbà tí kò sọ nǹkan kan ni. Ohun tó bá kà lórí WhatsApp láàárọ̀, èrò tirẹ̀ ni tó bá di ọ̀sán.

Ilé kan ló yẹ kí ó rà. Ilé ọ̀hún ni òun, Ọlábísí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn Ìtẹ́olúwa ti ń háyà ní Iwofe láti ọjọ́ pípẹ́. Yàrá mẹ́ta, kànga, igi máńgòrò. Bàbá Boma tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ sì fẹ́ tà á. Boma, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ní àwọn mọ ìdílé Adétúnjí, ìdílé náà ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i: mílíọ̀nù méjìdínlógún àbọ̀ náírà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì fọwọ́ sí ìwé. Àárín oṣù kẹrin ni wọ́n máa gba owó. Tó bá kọjá ìgbà yẹn, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn.

Owó náà pé nílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni owó tí báńkì fún Ọlábísí nígbà tí wọ́n ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa lọ ilé. Ohun kan ṣoṣo tó kù láti ṣe ni kí wọ́n jókòó.

Adétúnjí kò lè jókòó. Ó ní owó náà ń jẹrà ní báńkì. Ó ní kí àwọn fi ra dọ́là, pé tó bá fi máa di oṣù kẹrin, dọ́là kan á ti di náírà 2,500.

"Bàbá Ìtẹ́, náírà ni Boma fẹ́ gbà," Ọlábísí wí.

"Náírà náà la máa fún un. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, a ó fi ra jẹnẹrétọ̀."

Ó gbà. Òun náà fẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Mùhámmẹ́d ta dọ́là fún un ní 1,850. Gbogbo owó ilé di ẹgbàárùn-ún dọ́là, ìdì kan ṣoṣo tí kò ga tó búrẹ́dì. Kò pẹ́ tí Adétúnjí fi gbọ́ pé dọ́là ti di 1,900. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù: èrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ó pariwo rẹ̀ fún ìyàwó, fún àwọn ará ibi iṣẹ́, fún Boma pàápàá.

Ẹnu Máláàmù kì í ní iye kan ṣoṣo. Iye tó fi ń tà yàtọ̀ sí iye tó fi ń rà, àárín méjèèjì sì ni oúnjẹ rẹ̀. 1,900 ni yóò ta dọ́là fún ọ. Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ tà, 1,860 ni yóò san lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún péré ni èrè Adétúnjí, ìyẹn tó bá tà. Kò tà.

Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́rìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó di máíkì mú, ó ní Olúwa ti fi èrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bẹ òun wò. Ìjọ kọrin. Ọlábísí jó. Pásítọ̀ Adébíyìí, tí kì í jẹ́ kí irú nǹkan báyìí tutù, gba ìdámẹ́wàá lójú ẹsẹ̀: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, láti inú owó oṣù Adétúnjí, nítorí èrè tó jẹ́rìí sí kò sí níbì kankan. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ní kí ó wá kọ́ àwọn ní ọgbọ́n owó. Ó lọ. Ó sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Oṣù kẹta dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí. Dọ́là balẹ̀. Nígbà tí Mùhámmẹ́d ń rà á ní 1,600, Ọlábísí ní kí wọ́n tà. Mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ló máa dín. Ẹ̀gbọ́n òun ní Àkúrẹ́ lè yá wọn ìyẹn. Ilé á di tiwọn.

Adétúnjí kọ̀.

"Kí n wá lọ sọ kí ni fún ìjọ?"

Ìdí tí kò fi tà nìyẹn. Kò sí òmíràn. Ó ní dọ́là ń mí díẹ̀ ni, pé yóò tún gòkè. Ó sọ bẹ́ẹ̀ ní 1,500. Ó sọ ọ́ ní 1,300, ohùn rẹ̀ ti kéré.

Àárín oṣù kẹrin, Boma pè. Adétúnjí gbé ìdì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Mùhámmẹ́d ń jẹ tùwó, kò dìde.

"Oga, na one-one-two I dey buy."

Adétúnjí rán Máláàmù létí pé ọwọ́ rẹ̀ náà lòun ti rà á ní 1,850.

"That one na February, Oga."

Adétúnjí tà á ní 1,120: ẹgbàárùn-ún dọ́là di mílíọ̀nù mọ́kànlá àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Ìyókù owó ilé, mílíọ̀nù méje àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, kò sí lọ́wọ́ ẹni tí a lè tọ́ka sí. Ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́ kò ní irú ìyẹn. Adétúnjí bẹ Boma kí wọ́n gba èyí tó wà ná.

"Oga Tunji," Boma wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, "carry your testimony come, my brothers go sign am."

Adétúnjí tún rán ẹnìkan sí pásítọ̀ nítorí ìdámẹ́wàá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náà. Pásítọ̀ ní ohun tó ti dé orí pẹpẹ kì í padà. Ó ní kí wọ́n bá òun kí i.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, dọ́là tún gòkè, ó sún mọ́ 1,500. Adétúnjí ń rìn káàkiri ibi iṣẹ́, ó ń sọ fún wọn pé òun ti sọ ọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dúró dìgbà náà, owó ilé kò ní pé. Kò ṣe ìṣirò yẹn.

Oníṣòwò ẹja kan láti Borokiri ló ra ilé náà. Adétúnjí, Ọlábísí àti Ìtẹ́olúwa ń gbé yàrá méjì ní Alakahia láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń san owó ilé lọ́dọọdún. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú owó náà wà ní báńkì, ní náírà, ní orúkọ Ọlábísí nìkan.