Àlébù Odette Nínú Ìwé Alájì

Odette ọmọ mi ti ń tajà ní bùtíìkì aṣọ ní Ìdàáṣà láti ìgbà tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ àwọn màsẹ́ẹ̀rì, àwọn obìnrin ìjọ Kátólíìkì. Alájì Yẹ̀kínì ni jérán tó ń darí bùtíìkì náà fún àwọn olówó Kútọnu. Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira orílẹ̀-èdè wa tí ọkọ Odette rí ilẹ̀ iṣu ní Glazoué, ó sì di dandan kí Odette náà wá iṣẹ́ níbẹ̀. Músíọ̀ Léon ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bùtíìkì ńlá kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní gba ẹnikẹ́ni tí kò bá mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá láti ọwọ́ ọ̀gá tó ń fi sílẹ̀.

Alájì kọ ìwé náà fún Odette, ó lu òǹtẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Bí Odette ṣe kà á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Alájì, ẹ kọ ọ́ pé olóòótọ́ ni mí, pé mi ò pa iṣẹ́ jẹ rí. Ẹ ṣeun. Kí ló wá dé tí ẹ fi kún un pé ẹnu mi gbóná sí oníbàárà?"

"Ṣé kò gbóná ni?"

"Ó gbóná! Ṣùgbọ́n ìwé ìyìn ni mo tọrọ!"

"Ọmọ mi, bí mo bá ń ta ewúrẹ́ tó ń tiro, mo gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ han ẹni tó fẹ́ rà á. Bí ẹ̀sìn mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá fi àlébù pamọ́, mo rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn."

"Mo ti wá di ewúrẹ́ báyìí?"

"Ewúrẹ́ kì í dáhùn báyìí."

Èmi tí mo bá Odette lọ náà bẹ Alájì pé kó yọ ọ́ kúrò. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Bí mo bá parọ́ níbẹ̀, ta ni yóò gba èyí tó kù gbọ́?"

Nínú ọkọ̀, Odette di ìwé náà mú títí òógùn fi rin ín. "Ìyá, ṣé kí n ya ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni?"

"Ṣebí ìsàlẹ̀ ni òǹtẹ̀ wà. Kí lo fẹ́ fi hàn án?"

Ó ká ìwé náà sínú àpò. Bí a ṣe dé Glazoué, bùtíìkì Músíọ̀ Léon la gbà lọ tààrà.

Músíọ̀ Léon kà á, ó tún un kà. Ó gbójú sókè. "Madame, ṣé òótọ́ ni ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí?"

Odette wo ìwé náà, ó wò mí. Mo mọ̀ pé "rárá" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Bí ènìyàn bá ní kí n tú gbogbo aṣọ kalẹ̀, tí kò sì ra ẹyọ kan, mo máa ń sọ̀rọ̀."

Léon mí kanlẹ̀. "Gbogbo ìwé tí wọ́n ń mú wá fún mi, áńgẹ́lì nìkan ló ń wà nínú wọn. Áńgẹ́lì tí mo gbà kẹ́yìn kó aṣọ mi lọ." Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àpótí. "Yàrá ẹrù ni o máa wà, lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹ níwájú oníbàárà."

Odette gba kọ́kọ́rọ́, ó fajú ro. "Ta ni mo máa wá bá sọ̀rọ̀ láàárín ìdì aṣọ?"

"Aṣọ. Wọn ò ní bínú."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó fèsì.