Wákàtí Tó Wọ Inú Òrùlé

Ìyá Wákàtí ni àwọn bíríkìlà ń pè é, kò sì bínú sí i. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nílé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́lé. Ẹnu géètì ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde sínú ìwé ńlá kan. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ ìṣirò owó nílé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì di ẹni tó ní tábìlì, kọ̀ǹpútà àti àga tó ń yí. Obìnrin kúkúrú ni. Tó bá ń ka nọ́ńbà, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé lẹ́tà olólùfẹ́ ló ń kà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá gba ilé kọ́, wọn kì í gbowó lójoojúmọ́. Ìpele ni wọ́n ń pín iṣẹ́ sí: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé, rírẹ́ ògiri, àṣekágbá. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀ nínú àdéhùn. Tí ọ̀kan bá parí, ayàwòrán ilé tó ń ṣojú fún onílé á wá wò ó, á fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ìgbà yẹn ni Ìyá Wákàtí á tó kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí onílé. Bí òrùlé bá ku páànù kan ṣoṣo, kò tíì sówó nìyẹn. Yálà ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣe é ni o, yálà oṣù méjì ni o, iye kan náà lonílé máa san. Èrè ni o, òfò ni o, ilé-iṣẹ́ ló ni ín.

Ìdí nìyẹn tí ìwé wákàtí fi wà. Fóómàn sáìtì á kọ orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí tó ṣe, àti nọ́ńbà ìpele tó ṣe é fún. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé náà á dé ọ́fíìsì, Ìyá Wákàtí á yẹ̀ ẹ́ wò, á fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó ọ̀sẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mọ iye tí ìpele kọ̀ọ̀kan ti jẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Ọmọ olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ni ọ̀gá yìí, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, àmọ́ ojú rẹ̀ le bí búlọ́ọ̀kù tó ti gbẹ.

“Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹ wo ilé ìwòsàn oníṣègùn eyín yìí. Wákàtí mélòó la fún òrùlé?”

“Ẹgbẹ̀fà, sà.”

“Mélòó ni wọ́n ti lò?”

Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. “Ẹgbẹ̀jọ ó dín ogún.”

“Òrùlé ọ̀hún dà? Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá, apá kan ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Fóómàn yẹn ń jalè. Ó ń kọ orúkọ àwọn tí kò sí, ó ń gba owó wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, á gba ilé lọ.”

Ìyá Wákàtí fa àwọn ìwé náà mọ́ra kó lè gbèjà fóómàn. Ó mọ fóómàn náà tipẹ́. Kò-sí-Wàhálà ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé ohunkóhun téèyàn bá ní kó ṣe, èsì kan náà ni. Ó lè gbàgbé nǹkan, ó lè sọ̀rọ̀ jù, àmọ́ olè kọ́. Ohun tó dá a dúró wà lójú ìwé. Abẹ́ gbogbo ìwé tí ọ̀gá tẹ́ sórí tábìlì yẹn, ọwọ́ Ìyá Wákàtí ló wà níbẹ̀, roboto, pẹ̀lú íǹkì aláwọ̀ búlúù.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ń to aṣọ oníbàárà sórí ìkọ́. Alágbàfọ̀ ni, iwájú ilé ló ti ń lọ aṣọ. Ìyá Wákàtí ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe ń bọ́ bàtà.

Ọkọ rẹ̀ ní, “Ìwọ lo fọwọ́ sí i?”

“Èmi ni.”

“Ṣé o kà á kó o tó fọwọ́ sí i?”

Ó gbé bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkọ rẹ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó gbọ̀n ọ́n, ó yẹ abíyá rẹ̀ wò. “Èmi kì í gba aṣọ tí mi ò tú wò. Ẹni tó bá gba aṣọ ní dídì, tó bá ya, òun ló ya á.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Aṣọ, mo ti gbọ́.”

Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn ún. Ó ti lé lóṣù méjì tó ti ń fọwọ́ sí ìwé ilé ìwòsàn yẹn láìkà á. Á wo ìsàlẹ̀, á rí i pé àròpọ̀ pé, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé onílé kì í ṣáà sanwó wákàtí, kí ló tún kù tí òun fẹ́ máa wò?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé gbogbo ìwé náà sínú báàgì, ó wọ bàtà onírọ́bà, ó forí lé sáìtì. Kò-sí-Wàhálà rí i lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

“Àǹtí wa! Ṣé ẹ wá bá wa po sìmẹ́ǹtì ni?”

“Ẹ̀yin ni mo wá pò. Ẹ jókòó.”

Wọ́n jókòó lórí pákó méjì. Ó tẹ́ ìwé sórí itan rẹ̀. “Bọ̀dá, ẹ dákun, lọ́sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, bíríkìlà mẹ́ta àti lébìrà méjì wà nínú ìwé yìí fún òrùlé. Látìgbà wo ni bíríkìlà ti ń kan páànù?”

Fóómàn yọ fìlà, ó họ orí. “Wọn ò kan páànù. Ògiri òkè ni wọ́n ń ṣe.”

“Ògiri ti parí, a ti gbowó rẹ̀.”

“Ó ti parí lóòótọ́. Ayàwòrán ilé ló wá, ó ní ẹ̀rọ tí oníṣègùn fi ń ya àwòrán eyín ò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ó ní ká wó ògiri yẹn, ká sún un. Mo ní kò sí wàhálà.”

“Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀?”

“Ẹnu ló fi sọ ọ́.”

“Ẹ ò sì sọ fún ọ́fíìsì.”

“Àǹtí, ọjọ́ mọ́kànlá péré ni. Ìpele òrùlé la sì wà. Mi ò rí nọ́ńbà míì tí mo fẹ́ kọ.”

Ìyá Wákàtí ṣírò ó lórí. Èèyàn márùn-ún, wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọjọ́ mọ́kànlá: irínwó lé ogójì wákàtí. Tó bá yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ̀jọ ó dín ogún, ó ku ẹgbẹ̀fà ó dín ọgọ́ta, kò tíì kọjá iye tí wọ́n fún òrùlé. Inú rẹ̀ dùn, kò pẹ́ tó fi tún bà jẹ́. Ó ti tọrọ ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ lẹ́nu géètì sáìtì nígbà tó ń wọlé. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ọjọ́ méjì wà tí ẹnikẹ́ni ò wọlé. Aṣọ́géètì kọ ọ́ gàdàgbà: “Òjò. A ò ṣiṣẹ́.” Nínú ìwé fóómàn, wákàtí mẹ́jọ ló wà fún olúkúlùkù lọ́jọ́ méjèèjì.

Ó fi han fóómàn. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ pòórá.

“Wọ́n níyàwó, Àǹtí. Wọ́n lọ́mọ. Ṣé wọ́n á ní kí òjò máà rọ̀ ni? Mi ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀.”

“Mo gbà pé ẹ ò mú un. Àmọ́ ọgọ́rin wákàtí tẹ́nìkan ò ṣe lẹ kọ yìí, èmi náà sì fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀gá sanwó òjò, ẹ kọ ‘òjò’, kó mọ ohun tó ń san.”

Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀ padà. Ó dìde, ó lọ sídìí àpótí irinṣẹ́, ó sì mú ìwé kékeré kan tí sìmẹ́ǹtì ti dá bátànì sí lára wá. Ayàwòrán ilé ní akọ̀wé kan tó máa ń wá sí sáìtì. Ọjọ́ tó bá wá, á kọ iye èèyàn tó bá lẹ́nu iṣẹ́ ògiri yẹn àti wákàtí wọn, á fọwọ́ sí i. Ó wá lọ́jọ́ mẹ́fà.

“Kí ló dé tẹ́ ò tíì mú èyí wá láti ọjọ́ yìí?”

“Ẹ ò bèèrè.”

Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, ó wọlé lọ bá ọ̀gá, kò sì jókòó. Ó to ìwé síwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé látòkè délẹ̀: ti ògiri, ti òjò, ti ìwé kékeré. Ọ̀gá ń gbọ́, ó ń tẹ bíírò mọ́lẹ̀, ó ń jẹ́ kó ta padà.

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí gbogbo ìwọ̀nyí?”

“Èmi ni, sà. Mi ò ka ọ̀kankan. Ká ní mo kà á lọ́sẹ̀ karùn-ún, ǹ bá ti rí bíríkìlà nínú òrùlé, à bá sì ti gba ìwé lọ́wọ́ ayàwòrán ilé kí iṣẹ́ tó lọ jìnnà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé fóómàn, orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀.”

Ọ̀gá ju bíírò sórí tábìlì. Ó wá ní, “Ẹ pe ayàwòrán ilé fún mi.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n jókòó. Ayàwòrán ilé kọ́kọ́ ní òun ò rántí. Ìyá Wákàtí ṣí ìwé kékeré náà sí ojú ewé tí akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ sí, ó rọra tì í sí i. Ayàwòrán ilé gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Màmá, ẹ mọ iṣẹ́ yín o.”

“Ẹ má pè mí ní màmá, sà. Ẹ san án ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì rọ̀. Wọ́n fa á síwá, wọ́n fa á sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́fà tí ìwé ní ọwọ́ lára, ìyẹn òjìlénígba wákàtí, ayàwòrán ilé gbà kí wọ́n kọ ìwé owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kó máà wọ inú owó ìpele kankan. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù tí wọ́n ṣiṣẹ́, ọgọ́fà wákàtí, kò gbà á. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ìyẹn àti ti òjò di òfò ilé-iṣẹ́. Ìyá Wákàtí padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí nọ́ńbà tuntun fún àfikún iṣẹ́, ó sì kó wákàtí ògiri kúrò lábẹ́ òrùlé lọ síbẹ̀.

Wọn ò lé fóómàn. Ọ̀gá fún un ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì fún Ìyá Wákàtí náà ní tirẹ̀. Ó gbé e délé, ó fi han ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó lọ gbé omi tútù wá fún un.

Òrùlé parí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí dé, ó kọ ìwé owó ìpele kẹta ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ gba iṣẹ́ míì, ilé oníyàrá mẹ́jọ fún opó kan, ọ̀gá ní kí Ìyá Wákàtí náà wá jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka àdéhùn. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: kò sí iṣẹ́ tí kò sí nínú àdéhùn tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí ìwé.

Opó náà wò ó. “Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?”

“Mo fọkàn tán yín, Mọ̀mọ́. Bí ẹ bá yí ọkàn padà lórí fèrèsé kan, ẹ̀yin náà á fẹ́ mọ iye tó máa jẹ yín kí wọ́n tó wó o.”

Opó náà rò ó wò, ó sì gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀.