Ohun Tí Olùbẹ̀wò Kọ Nípa Àńtí Tuntun

Ọmọbìnrin tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán wá sí kíláàsì mi ní Ààyè-Èkìtì fún ìdánrawò ìkọ́ni kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ fi gbàgbé pé èmi ni olùkọ́ wọn. Láàárọ̀, wọ́n á sáré kọjá lára mi lọ gba báàgì lọ́wọ́ "Àńtí tuntun." Èmi tí mo kọ́ ìyá àwọn mìíràn nínú wọn! Mo jowú, kí n má parọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín, inú á bí mi. Bí àwọn ọmọ bá bá a rẹ́rìn-ín, inú á tún bí mi sí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í dédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn kíláàsì ló jókòó sí, tó ń wo bí mo ṣe ń kọ́ni, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Olùbẹ̀wò láti kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ kò sọ pé òun ń bọ̀. Ọ̀gá wa kàn mú bàbá náà wọlé bí a ṣe ń múra ìṣirò, ó sì ní kí èmi náà jókòó tì í, nítorí kíláàsì mi ni. Olùbẹ̀wò náà yẹ nóòtì ìkọ́ni ọmọbìnrin náà wò, ó sì ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánrawò yìí kò ní í gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Mo ń ṣọ́ àṣìṣe rẹ̀ bí ẹní ń ṣọ́ ewúrẹ́ lẹ́bàá ẹ̀gẹ́ tí a sá.

Iṣu ló fi kọ́ wọn ní ìdá. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn gé e sí mẹ́rin, kí wọ́n pín in, kí wọ́n sì kó o jọ padà. Ariwo sọ, ṣùgbọ́n ariwo iṣẹ́ ni. Bàbá náà ń kọ̀wé, ó ń mi orí. Ọkàn mi kò balẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ó pe àwa méjèèjì jókòó, ó ka àbọ̀ rẹ̀ sí wa létí. Ìyìn ló kọ́kọ́ kà. Ó ní nóòtì rẹ̀ mọ́, ohun èlò rẹ̀ bá iṣẹ́ mu, ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe é. Mo ń wo ojú fèrèsé.

Ó wá kan ibi tó yẹ kó tún ṣe. Ó ní ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ tó bá ń kọ nǹkan sójú pátákó. Ó ní àwọn tó wà níwájú nìkan ló ń bi ní ìbéèrè. Ó ní ọmọ tó bá ṣì í, "Jókòó" ló ń sọ fún un, kò sì ní í padà wá tọ́ ọ sọ́nà. Inú mi tutù bí omi àmù. Èmi náà mi orí, mo tilẹ̀ pòṣé díẹ̀.

Bàbá béèrè ohun tó fà á. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Bí mà tó ni kíláàsì yìí ṣe máa ń ṣe é ni mo rí. Mo rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn."

Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára o. Òótọ́ ló ń sọ, ìyẹn ló dùn mí jù. Bàbá kò wojú mi. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí olùkọ́ kíláàsì ràn án lọ́wọ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí òun tó padà wá, torí ìbẹ̀wò kejì ni yóò fi hàn bóyá ó yege. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo jókòó sẹ́yìn láti wò ó. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sí pátákó kọ̀wé, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn ọmọ. Ó rìn dé bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, ó bi ọmọbìnrin kékeré kan pé bí a bá mú ẹyọ kan kúrò nínú iṣu tí a gé sí mẹ́rin, ìdá mélòó ló kù. Mo mọ ọmọ náà. "Présẹ́ǹtì" tó ń sọ bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ti gbà pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ó ṣì í. Àńtí tuntun kò ní kó jókòó. Ó fi iṣu lé e lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ó dúró dè é.

"Ó ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin uṣu náà," ni ọmọ náà wí.

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Owú tó jẹ mí lọ́jọ́ náà ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí Àńtí tuntun, èmi tí mo sì jókòó tì í tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká wa ń kan ara wọn, kò yíjú sí mi rárá.